Bí a ṣe ń fa ohùn orin yọ láti inú ọ̀rọ̀: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kọ orin ìsìn ní Yorùbá

Ẹ mú gbólóhùn kékeré yìí: "Gbà mí, Olúwa." Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "gbà", ohùn òkè ló wà lórí "mí". Bí orin bá gòkè láti "gbà" sí "mí", àdúrà ni. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, etí tó gbọ́ Yorùbá á gbọ́ "gbá mi", bí ìgbà tí ènìyàn ń bẹ Olúwa pé kó gbá òun létí. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ́lì kò yí padà. Nótì méjì péré ló gba ọ̀nà òdì.

Àwọn míṣọ́nnárì tó dé Abẹ́òkúta ní 1846 bá orin ilẹ̀ òkèèrè wá. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, wọ́n sì ka sílébù kí ó lè bá iye nótì mu, ṣùgbọ́n ohùn orin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dé bá a. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ṣì ń mú ohùn orin tó dùn, tí a ó sì wá ọ̀rọ̀ rọ sínú rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì (1855–1930), tó sìn ní Abẹ́òkúta níbí, wà lára àwọn tó kọ orin ìjọ lórí ohùn tó bá ti ilẹ̀ wa mu. Ní 1922 wọ́n gba ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣáájú, kí ohùn orin máa tẹ̀lé e. Bí a ṣe ń ṣe é la fẹ́ ṣàlàyé níbí, a ó sì lo ẹsẹ orin kan ṣoṣo, ìlà mẹ́rin, láti orí dé ìdí.

Ẹsẹ náà nìyí, bí a ó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé:

Olúwa, mo gbọ́ ohùn rẹ,
Ọkàn mi wá sọ́dọ̀ rẹ;
Gbà mí, kí o sì tọ́ mi
Títí dé ilé ògo rẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́

Àmì ohùn inú ìwé kò tó fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ máa ń yí padà nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn ti ẹnu yìí gan-an sì ni etí ìjọ ń retí. Ẹ ka ẹsẹ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni ń ka Bíbélì lórí àga ìwàásù. Ohun mẹ́ta ni ẹ máa rí.

Èkíní ni ìpajẹ. "Gbọ́ ohùn" ti di "gbóhùn" lẹ́nu wa, "dé ilé" ti di "délé". Ìlà kìíní tó ní sílébù mẹ́jọ nínú ìwé wá di méje, ìlà kẹrin náà di méje. Ẹni tó bá ka sílébù láti inú ìwé, tó sì fún "gbọ́" ní nótì kan, tó tún fún "o" ní nótì mìíràn, ti fi sílébù tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni kún orin rẹ̀.

Èkejì ni ohùn òkè tó máa ń wọlé láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe. A ń kọ "Ọkàn mi wá", ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ń sọ ni "Ọkàn mí wá". "Mi" ti gòkè. Àmì ìwé kò fi í hàn, ọ̀pọ̀ àwọn akọ̀wé orin ló sì ń ṣubú síbí yìí: wọ́n á fi "mi" sí àárín gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, gbólóhùn náà á wá dà bíi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa dáadáa ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta wà lórí "mi" tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ wo ìlà kẹta: "gbà mí", ṣùgbọ́n "tọ́ mi". Ọ̀rọ̀ kan náà ni, inú ìlà kan náà ni wọ́n wà, ohùn wọn sì yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá wà lókè, "mi" á sọ̀ sí àárín. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá wà nísàlẹ̀ tàbí ní àárín, "mí" á gòkè. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni yóò gbà wá nígbà tí a bá dé ẹsẹ kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fa àmì sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan

Ẹ pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, kí ẹ sì fi àmì mẹ́ta sábẹ́ wọn: / fún ohùn òkè, – fún àárín, \ fún ìsàlẹ̀. A mọ̀ pé wọ́n ń pe àwọn ohùn yìí ní dò, re, mí ní ilé ìwé. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí a ó lo dò, re, mí fún nótì orin láìpẹ́, wọ́n á sì dàrú mọ́ra.

O-lú-wa, mo gbó-hùn rẹ: – / – – / \ –
Ọ-kàn mí wá sọ́-dọ̀ rẹ: – \ / / / \ –
Gbà mí, kí o sì tọ́ mi: \ / / – \ / –
Tí-tí dé-lé ò-go rẹ: / / / / \ – –

Ẹ pa ìwé ọ̀rọ̀ mọ́, kí ẹ fi àmì nìkan síwájú, kí ẹ sì fi imú kùn ún. Bí ohun tí ẹ kùn bá jọ ọ̀rọ̀ náà, àmì yín tọ̀nà. Bí kò bá jọ ọ́, àṣìṣe wà, kò sì sí ohun tó yẹ kí a fi nótì kan síbẹ̀ títí a ó fi rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan nótì fún ibi mẹ́ta

Ohùn Yorùbá kì í ṣe nótì. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ohùn òkè gbọ́dọ̀ wà lórí mí tàbí sò. Ohun tí etí ń gbọ́ ni ìbátan: ṣé sílébù yìí ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni, àbí ó relẹ̀ sí i, àbí wọ́n dọ́gba? Nítorí náà òmìnira wà, ṣùgbọ́n ó ní ààlà.

Nótì márùn-ún ni a ó lò: l₁ (là tó wà lábẹ́ dò), d, r, m, s. A fi fà àti tì sílẹ̀ ní ohùn àkọ́kọ́. Mí àti fà súnmọ́ra jù, tì àti dò náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn àárín bá wà lórí mí, tí ohùn òkè sì wà lórí fà, ìyàtọ̀ wọn kéré débi pé ìjọ tó ń kọrin láìsí dùrù á pa á rẹ́, sílébù méjèèjì á sì dọ́gba. Bí dò bá wà lórí F, nótì wa tó relẹ̀ jù á bọ́ sórí D, èyí tó ga jù á bọ́ sórí C, kò sì ní ṣòro fún ìyá àgbà tàbí fún ọmọdé.

Nínú ìlà kan, ẹ jẹ́ kí ìfò láti òkè sí ìsàlẹ̀ tóbi ju ìfò láti òkè sí àárín lọ. Ìṣísẹ̀ kan (m sí r) tó fún òkè sí àárín. Òkè sí ìsàlẹ̀ fẹ́ ìfò tó gbòòrò, bíi s sí d tàbí m sí l₁. Bí ẹ bá fi ìfò ńlá fún "tọ́ mi", mi á rì sísàlẹ̀, etí ò ní mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó dúró lójú kan ló léwu jù. "Ìyè" dọ́gba nísàlẹ̀, "iye" dọ́gba ní àárín. Bí ẹ bá kọ èyíkéyìí nínú wọn ní òun nìkan, nótì méjì tó dọ́gba ni, kò sì sí orin tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó ṣáájú wọn nìkan ló lè yà wọ́n. Nínú "Ọba ìyè", orin gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti "ba" sí "ì", kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí nótì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, "Ọba iye" lẹ kọ, Ọba tí í ṣe ti ònkà. Ìlànà tó jáde nínú èyí ni pé kí ẹ má ṣe fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà láé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí yóò dúró níwájú rẹ̀, kí etí lè rí ibi tí yóò ti wọn ún.

Ẹni tó bá fẹ́ fi odò wa sínú orin ní láti ṣọ́ra gidi. "Odò Ògùn" bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó sọ̀ kalẹ̀ ní "dò", ó sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún títí tó fi parí. Orin máa ń fẹ́ gòkè ní sílébù tó gbẹ̀yìn kí ó lè dùn. Bí ó bá gòkè níbẹ̀, Ògún onírin lẹ pè nínú ilé ìsìn. Bí ẹ bá sì ní "ogún wa" lọ́run lọ́kàn, tí orin yín kò gòkè ní "gún", "ogun wa" ni ìjọ á gbọ́, ìrètí ọ̀run á sì di ìjà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi nótì sí i

Ìlà kìíní: r m r r s d r.
"O" wà lórí r, "lú" gòkè sí m, "wa" padà sí r, "mo" dúró síbẹ̀, "gbó" fò sí s, "hùn" já bọ́ sí d, "rẹ" dìde sí r. Ohùn òkè méjì ló wà nínú ìlà yìí, ọ̀kan lórí m, ọ̀kan lórí s. Kò sí ìpalára níbẹ̀, nítorí wọn kò fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. A fi s sábẹ́ "gbó" nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀.

Ìlà kejì: r d m m m l₁ d.
Ohùn òkè mẹ́ta tẹ̀léra ní "mí wá sọ́". Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Bí ẹ bá fi m m s sí i, "mí wá" á dà bí ohùn àárín nígbà tí "sọ́" bá dé. Ẹ ó rí i pé "kàn" wà lórí d níbẹ̀rẹ̀ ìlà, "rẹ" sì wà lórí d lópin, bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ni "kàn", ohùn àárín ni "rẹ". Àṣìṣe kọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ náà máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń lọ sópin, etí wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé "dọ̀" tó ṣáájú "rẹ" relẹ̀ sí i.

Ìlà kẹta: l₁ m m r d m r.
"Gbà" lórí l₁, "mí" lórí m, ìfò sókè tí kò ṣeé ṣì gbọ́. Ó lè wù yín kí "gbà" wà lórí d, kí ìfò náà má gùn jù. Ẹ rántí pé d ni ìlà kejì fi parí, lórí ohùn àárín. Bí "gbà" bá bọ́ sórí d kan náà, kò sí ohun tí yóò sọ fún etí pé ohùn ti lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà l₁ ni.

Ìlà kẹrin: m m m m l₁ d d.
M mẹ́rin lójú kan! Ẹni tó fẹ́ràn orin aláriwo á ní kò dùn. Ṣùgbọ́n "Títí délé" kò fún wa láyè kankan: ohùn òkè mẹ́rin ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní sílébù kejì, "títì" ló dà, òpópónà tí mọ́tò ń gbà. Adùn ìlà yìí kò sí nínú ìfò, inú gígùn àti kíkúrú nótì ló wà: ẹ fa "tí" kejì gùn, kí "dé" yára, kí dùrù máa yí ìbáramu rẹ̀ padà lábẹ́ àwọn m náà. Nígbà tí "ò" bá wá já sí l₁ lẹ́yìn ìdúró yẹn, ẹ ó rí i pé ó lágbára.

Òpin ìlà, àti ọ̀rọ̀ "rẹ"

Ibí yìí ni kí ẹ ti fi sùúrù sí i jù, nítorí àṣìṣe tó wà níbí ni ó pọ̀ jù nínú orin ìsìn wa. "Orúkọ rẹ" ni a ń sọ fún ẹni tó wà níwájú wa. "Orúkọ rẹ̀" ni a ń sọ nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nínú orin ìsìn, ìyàtọ̀ yẹn ló ya àdúrà sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Orin ilẹ̀ òkèèrè sì fẹ́ràn láti parí pẹ̀lú r sí d, tàbí m r d. Ẹ fi "ògo rẹ" sórí r d: "go" wà lórí r, "rẹ" já sí d. "Ògo rẹ̀" ni gbogbo ìjọ kọ. Láti ìlà kìíní ni wọ́n ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ní ìlà tó gbẹ̀yìn wọ́n kọ ẹ̀yìn sí I, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ nípa Rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ẹ máa ṣe dúró lórí ohùn tó ṣáájú. Bí ohùn àárín bá ṣáájú, bíi "ògo rẹ" tàbí "orúkọ rẹ", nótì méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìdí nìyí tí ìlà kẹrin wa fi parí lórí d d. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú, bíi "ohùn rẹ" tàbí "sọ́dọ̀ rẹ", orin gbọ́dọ̀ gòkè. D r àti l₁ d ni a lò. Bí ó bá dúró lójú kan, "rẹ̀" ni.

Bí ohùn òkè bá ṣáájú, bíi "ilé rẹ", iṣẹ́ le díẹ̀, nítorí "rẹ" àti "rẹ̀" ló ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n ìfò nìkan ló yàtọ̀, etí kò sì lè fi ìdánilójú wọn ìfò kan ṣoṣo. Ẹnu wa fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀nà àbáyọ: nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, a máa ń fa fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn gùn sí àárín, "ilé-e rẹ". Ẹ fún fáwẹ́lì gígùn yẹn ní nótì tirẹ̀. "Ilé-e rẹ" di r m-r r, "ilé-e rẹ̀" di r m-r l₁. Nótì àárín yẹn ni òṣùwọ̀n tí etí ń wá: bí "rẹ" bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ìwọ ni, bí ó bá já, òun ni.

Ẹsẹ kejì

Ẹsẹ kìíní ti dára. Ọ̀pọ̀ orin ló ń bàjẹ́ ní ẹsẹ kejì, nítorí ohùn orin kan náà ni a fẹ́ lò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ká ní ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni èyí:

Olùgbàlà, mo dé o,
Ayọ̀ mi kún nílé rẹ;
Wò mí, kí o sì wẹ̀ mí,
Títí délé òdodo.

Iye sílébù pé, méje ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì gbé e sórí àmì ẹsẹ kìíní. "Olùgbàlà" jẹ́ – \ \ \, orin wa sì ń gòkè ní sílébù kejì gan-an. "Dé" tó jẹ́ ohùn òkè bọ́ sórí d tó relẹ̀ jù nínú ìlà. Kò sí àtúnṣe kékeré tó lè gbà á là. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá ohun tó bá – / – – / \ – mu. "Olúwa, mo rọ́nà rẹ" bá a mu rẹ́gí: "rí ọ̀nà" ti di "rọ́nà" lẹ́nu.

Ìlà kejì súnmọ́ ọn. "Ayọ̀ mi kún" bá "Ọkàn mi wá" mu láti orí dé ìdí, títí kan "mi" tó gòkè sí "mí". Sílébù kẹfà nìkan ló kọ̀: "lé" wà lókè, orin sì já sí l₁. Etí tí orin tàn á máa wá "nílẹ̀" níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ́lì rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi "lọ́dọ̀ rẹ" rọ́pò "nílé rẹ". Ohùn rẹ̀ bá a mu, ìtumọ̀ náà kò sì jìnnà.

Ìlà kẹta ni kí a lo ohun tí a sọ nípa "mi". "Tọ́ mi" ń sọ̀ kalẹ̀, "wẹ̀ mí" ń gòkè, nítorí náà kò lè gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lókè nìkan ló lè rọ́pò ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lókè: tọ́, gbé, ṣọ́, bọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn: gbà, wò, wẹ̀, pè. "Wò mí" lè dúró níbẹ̀rẹ̀ ìlà nítorí ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti "gbà mí". Lópin, ẹ fi "gbé mi" sí i. Ó dáa kí ẹ kọ ẹgbẹ́ méjì yìí sórí ìwé kan, kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ kún un. Àkókò tó máa dín kù fún yín kò kéré.

"Títí délé òdodo" bá àmì ìlà kẹrin mu pátápátá. Ẹ kàn ṣọ́ òpin rẹ̀: òdodo gòkè ní sílébù kejì, ó sì dúró, l₁ d d. Bí akọrin kan bá fà á sẹ́yìn, tó dúró lórí l₁ kó tó gòkè, "òdòdó" ló kọ, ewéko inú ọgbà.

Ẹsẹ kejì wá di:

Olúwa, mo rọ́nà rẹ,
Ayọ̀ mi kún lọ́dọ̀ rẹ;
Wò mí, kí o sì gbé mi
Títí délé òdodo.

Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kan máa wà tí ẹ kò lè pààrọ̀, orúkọ tàbí ẹsẹ Bíbélì. Ẹ yí nótì padà fún ẹsẹ yẹn nìkan, kí ẹ sì kọ nótì kékeré sókè ibẹ̀ nínú ìwé. Bí irú rẹ̀ bá ju méjì lọ nínú ẹsẹ kan, a jẹ́ pé irú orin yìí kò bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ẹ sọ ọ́ di lílé àti ègbè: kí ẹnì kan máa lé, kí ohùn rẹ̀ máa yí padà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí, kí ègbè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà sì jẹ́ ti gbogbo ìjọ. Orin ìbílẹ̀ wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Àwọn ohùn yòókù

Orin tó tọ̀nà lẹ́nu sopuráno lè jẹ́ irọ́ lẹ́nu áàtò, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń pè. Ní "ò-go rẹ" ti ìlà kẹrin, sopuráno ń kọ l₁ d d. Ẹni tó kọ́ ìbáramu láti inú ìwé orin òkèèrè lè fún áàtò ní f₁ l₁ s₁ kí ó lè rìn dáadáa. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n áàtò já ní sílébù tó gbẹ̀yìn, "ògo rẹ̀" ni wọ́n ń kọ nígbà tí sopuráno ń kọ "ògo rẹ". F₁ s₁ s₁ ni kí wọ́n kọ: ó gòkè, ó sì dúró, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe wí. Kí báàsì kọ f₁ d d ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀, ó sì di ìbáramu tí a fi ń kọ àmín. Fà kò léwu nínú àwọn ohùn yìí, nítorí kò sí mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n á fi pa á rẹ́.

Ìwọ̀n ìfò kò ní láti jọra láàárín ohùn mẹ́rin. Ìhà tí wọ́n kọjú sí ló gbọ́dọ̀ jọra: bí ọ̀kan bá gòkè, kí gbogbo wọn gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn kan rìn lọ́nà tirẹ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó máa kọ "ò" tàbí kí ó fi imú kùn ún, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà fún dùrù.

Ìdánwò

Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kò rí ìwé náà rí. Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, láìsí dùrù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Bí ẹnì kan bá ṣì í gbọ́, ó lè jẹ́ etí rẹ̀. Bí méjì bá ṣì í gbọ́ níbì kan náà, nótì ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Bí ẹ bá mọ àyàn tó ń lu gángan, àyẹ̀wò rẹ̀ tún dájú jù, nítorí gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì tó lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ ka ìlà náà fún un bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ó fi ìlù sọ ọ́. Kí ẹ wá fi imú kùn orin yín lẹ́yìn rẹ̀. Níbikíbi tí awọ ìlù ti gòkè tí orin yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa igi sábẹ́ sílébù yẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń pè é, "gbóhùn", "délé", "rọ́nà", "Ọkàn mí wá", kí àmì ohùn sì pé lórí gbogbo sílébù. Ìwé tí kò ní àmì ló ń jẹ́ kí akọrin tuntun fi ohùn tirẹ̀ sí "rẹ" tó wà lópin ìlà, á sì ti mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ.